Ibodè Inú Sẹ́ẹ̀lì àti Jẹjẹrẹ Ẹnu Ilé Ọmọ

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àwọn mìíràn nínú yín sì ti sin ẹni tó pa. Ní ọdún 2020 nìkan, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé ṣírò rẹ̀ pé àwọn obìnrin tó lé ní 12,000 ni àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, àwọn tó sì gbẹ̀mí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń yọ ọmọ aráyé lẹ́nu, mo mú èyí nítorí pé àwọn onímọ̀ ti tú u palẹ̀ débi tí wọ́n fi mọ ohun tó wọlé, ibi tó gbà wọlé, àti ohun tó ṣe fún sẹ́ẹ̀lì tí sẹ́ẹ̀lì náà fi ń pín láìdúró mọ́. Bí ìtàn yẹn bá yé wa, a ó mọ ohun tí nọ́ọ̀sì ń wá nígbà tó bá ń ṣe àyẹ̀wò, a ó sì mọ ìdí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára fi jẹ́ ti ọmọdébìnrin ju ti ìyá rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di ara wa, láti awọ orí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbó, wọ́n á kú, òmíràn á sì rọ́pò wọn. Ọ̀nà tí òmíràn sì ń gbà wá ni pé kí sẹ́ẹ̀lì kan tó wà nílẹ̀ pín ara rẹ̀ sí méjì. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tó ń pín kánkán máa ń lo bí wákàtí 24 kó tó parí iṣẹ́ náà. Yóò kọ́kọ́ dàgbà, yóò kó ohun èlò jọ, èyí sì lè gba wákàtí 11. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò ṣe àdàkọ okùn àbùdá rẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní DNA, fún bí wákàtí 8. Yóò tún lo wákàtí 4 sí i láti yẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò. Wákàtí kan tó kù ló fi ń ya sí méjì.

Àdàkọ yẹn ni iṣẹ́ tó le jù. Lẹ́tà tí a kọ sára okùn àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó bílíọ̀nù 6, wọ́n sì wà lórí kùrómósómù 46. Gbogbo lẹ́tà yìí ni sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan péré, láìfo ọ̀kan, láìkọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kó tó wá pín kùrómósómù náà dọ́gba-dọ́gba fún ọmọ méjèèjì. Bí àṣìṣe bá wọ inú rẹ̀, ọmọ ni yóò jogún rẹ̀, ọmọ ọmọ náà yóò sì jogún rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì fi ní ibodè. Bí oníbodè ayé àtijọ́ ṣe máa ń dá àlejò dúró lẹ́nu odi ìlú kó tó wọlé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn purotéènì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá a dúró títí ohun gbogbo yóò fi tọ́. Ìwúkàrà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, ni wọ́n ti rí i kedere. Ní ọdún 1988, Leland Hartwell àti Ted Weinert ní Amẹ́ríkà tan ìtànṣán tó ń já okùn àbùdá sára ìwúkàrà. Àwọn tí ara wọn pé dúró, wọ́n tún okùn náà ṣe, wọ́n tó máa pín lọ. Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà nínú wọn tí jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní RAD9 ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Àwọn yẹn kò dúró. Wọ́n ń pín lọ pẹ̀lú okùn jíjá nínú wọn, wọ́n sì ń kú. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé dídúró kì í ṣàdédé wáyé nítorí pé okùn já. Ẹnì kan ló ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró, bí ẹni náà kò bá sì sí níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì yóò máa lọ. Hartwell wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobẹ́ẹ̀lì ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 2001 lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín.

Ibodè mẹ́ta ló gbajúmọ̀. Àkọ́kọ́ wà ṣáájú àdàkọ. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: ṣé ara nílò sẹ́ẹ̀lì tuntun, ṣé okùn àbùdá sì wà ní pípé? Ìkejì wà lẹ́yìn àdàkọ, ó ń wò ó bóyá iṣẹ́ náà parí láìsí ibi tó já. Ìkẹta wà níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti fẹ́ ya sí méjì. Níbẹ̀, bí ó bá ku kùrómósómù kan ṣoṣo tí okùn tó ń fà á kò tíì so mọ́ dáadáa, gbogbo nǹkan á dúró dè é. Èyí àkọ́kọ́ ni n óo dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Oníbodè méjì ló wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ wọn sọ́kàn. Ọ̀kan ń jẹ́ Rb, èkejì ń jẹ́ p53. Rb ló di àwọn purotéènì tó ń bẹ̀rẹ̀ àdàkọ mú, kò jẹ́ kí wọ́n ráyè ṣiṣẹ́. Nígbà tí àṣẹ bá dé láti ìta sẹ́ẹ̀lì pé ọgbẹ́ wà tó yẹ kó san, tàbí pé awọ ti gbó tó yẹ kí a rọ́pò, nígbà náà ni Rb yóò tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, àdàkọ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí sẹ́ẹ̀lì má ṣe pín láìgbàṣẹ.

Ti p53 yàtọ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni wọ́n ń tú u ká, tí kò fi sí ju díẹ̀ lọ nígbà kankan. Ṣùgbọ́n bí okùn àbùdá bá já, tàbí bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdàkọ lọ́nà tí kò bófin mu, wọn kò ní tú u ká mọ́. Yóò pọ̀ sí i kíákíá, yóò sì ránṣẹ́ sí purotéènì mìíràn, p21, tí yóò dá gbogbo ìpín dúró. Bí àtúnṣe bá ṣeé ṣe, wọ́n á tún un ṣe, iṣẹ́ á sì tẹ̀ síwájú. Bí ìbàjẹ́ náà bá kọjá àtúnṣe, p53 náà ni yóò pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì náà pa ara rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá kú báyìí, ara kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan tó yẹ kó kú bá kọ̀ tí kò kú, ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wọ ẹnu ilé ọmọ. Awọ tó bo ibẹ̀ jẹ́ ìpele lórí ìpele. Ìpele tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nìkan ló ń pín. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń gòkè láti ibẹ̀, Rb yóò ti ìpín pa fún un, yóò máa fẹ̀ sí i, yóò dé òkè, yóò sì ṣí kúrò. Àárín ìpele wọ̀nyí ni fáírọ́ọ̀sì HPV fẹ́ràn láti gbé. Ìbálòpọ̀ ló sábà ń gbé e wá, ibi tí awọ bá sì ti bó díẹ̀, tí ojú kò lè rí, ni yóò gbà dé ìsàlẹ̀. Irú rẹ̀ lé ní 200, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn, 16 àti 18, ló ń fa bí 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló rí méjèèjì nínú ẹran jẹjẹrẹ lọ́dún 1983 àti 1984. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobẹ́ẹ̀lì lọ́dún 2008.

Fáírọ́ọ̀sì yìí kéré púpọ̀. Lẹ́tà inú okùn tirẹ̀ kò ju bí 8,000 lọ. Kò ní ohun èlò tí yóò fi ṣe àdàkọ ara rẹ̀. Ti sẹ́ẹ̀lì ni yóò yá lò, ohun èlò sẹ́ẹ̀lì sì ń ṣiṣẹ́ kìkì nígbà tí sẹ́ẹ̀lì náà bá wà lẹ́nu àdàkọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sẹ́ẹ̀lì tó ti gòkè kò ṣe àdàkọ mọ́, Rb ti ti ibodè. Kí ni fáírọ́ọ̀sì ṣe? Ó ní purotéènì kan tó ń jẹ́ E7. E7 lọ dì mọ́ Rb, ó gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ àdàkọ, ó sì mú kí wọ́n tú Rb ká. Ibodè ṣí, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó ti sinmi bẹ̀rẹ̀ àdàkọ láìgbàṣẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí p53. Irú àdàkọ àìgbàṣẹ yìí gan-an ni ohun tó ń ta á jí. Bí E7 bá dá ṣiṣẹ́, p53 yóò dìde, yóò sì pa sẹ́ẹ̀lì náà pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni fáírọ́ọ̀sì ṣe ní ìkejì, E6. E6 yóò mú purotéènì kan tó jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, yóò fi dì mọ́ p53, wọ́n á sì lẹ àmì mọ́ p53 lára pé kí wọ́n lọ tú u ká. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣe p53 ni E6 ń mú kí wọ́n máa bà á jẹ́. Mo fẹ́ kí èyí yé yín dáadáa, nítorí ó yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ mìíràn. Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tí ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu ń dá kún níhìn-ín ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, lẹ́tà inú jíìnì p53 fúnra rẹ̀ ló máa ń yí padà, tí sẹ́ẹ̀lì kò fi lè ṣe p53 tó dára mọ́ títí ayé. Nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, jíìnì náà sábà máa ń wà ní pípé. Oníbodè kò kú. Bó ṣe ń yọjú ni wọ́n ń mú un lọ.

Ẹ óo bi mí pé, ṣé gbogbo obìnrin tó bá ti kó HPV ni yóò ní jẹjẹrẹ? Rárá o. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ara wọn máa ń lé e lọ láàárín ọdún méjì, láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé ó wọlé rí. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2004 lórí àwọn obìnrin Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, rí HPV lára bí ẹnì kan nínú mẹ́rin. Jẹjẹrẹ kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó tún yẹ ká fiyè sí nínú ìwádìí Ìdíkàn yìí ni pé kì í ṣe ọ̀dọ́ nìkan ló ní in, àwọn àgbà obìnrin náà ní in. Níbi púpọ̀ lágbàáyé, ó máa ń lọ sílẹ̀ bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè.

Ewu ńlá wà fún ẹni tí kò bá lọ lára rẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, okùn fáírọ́ọ̀sì náà máa ń dá wà nínú sẹ́ẹ̀lì bí òrùka kékeré. Lórí òrùka yẹn ni jíìnì kan wà tó ń jẹ́ E2, òun ló ń kó E6 àti E7 níjàánu kí wọ́n má baà pọ̀ jù. Fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kò fẹ́ jẹjẹrẹ, ibùgbé ló ń wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ pé òrùka náà já, tí ó lọ lẹ̀ mọ́ àárín kùrómósómù ènìyàn, ojú E2 ló sábà máa ń já sí. E2 kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. E6 àti E7 yóò wá máa tú jáde láìsí olùdarí. Sẹ́ẹ̀lì yẹn kò tún ní Rb, kò ní p53, gbogbo ọmọ rẹ̀ sì jogún bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, kò tíì di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ yẹn. Sẹ́ẹ̀lì tí ibodè àkọ́kọ́ rẹ̀ ti wó ń pín kánkán, ó sì ń ṣe àṣìṣe. Okùn tó já kò rí ẹni dá a dúró. Níbi tó ti ń ya sí méjì, kùrómósómù méjì lè lọ sọ́dọ̀ ọmọ kan, kí èkejì má rí nǹkan kan. P53 ni ìbá ti pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n p53 kò sí nílé. Díẹ̀díẹ̀, láti ìran sẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn, àṣìṣe ń gun orí àṣìṣe. Ọ̀kan nínú rẹ̀ yóò jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lè fọ́ ìpìlẹ̀ awọ kó sì wọ inú ẹran lọ, òmíràn yóò jẹ́ kó lè fa ẹ̀jẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Láti ọjọ́ tí fáírọ́ọ̀sì wọlé títí dé ọjọ́ tí jẹjẹrẹ fojú hàn sábà máa ń tó ọdún 15 sí 20. Lára obìnrin tí kòkòrò HIV wà lára rẹ̀ tí kò gba ìtọ́jú, ọdún 5 sí 10 lè tó, nítorí pé ara tí ìbá lé fáírọ́ọ̀sì lọ kò lágbára.

Báwo la ṣe mọ̀ pé E6 àti E7 gan-an ló ń ti sẹ́ẹ̀lì náà lẹ́yìn? Obìnrin kan wà tí gbogbo onímọ̀ sẹ́ẹ̀lì mọ orúkọ rẹ̀, Henrietta Lacks, ọmọ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1951, ó lọ sí ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, ó ní ẹ̀jẹ̀ ń dà lára òun, òun sì ń fọwọ́ kan kókó kan. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni. Wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ obìnrin náà, wọ́n sì gbé e fún ọ̀gbẹ́ni George Gey tó ń gbìyànjú láti máa sin sẹ́ẹ̀lì ènìyàn nínú ìgò. Tàwọn yòókù máa ń kú. Ti Henrietta kò kú. Ó ń di ìlọ́po méjì ní bí wákàtí 24 síra, ó sì ń bẹ títí dòní ní ilé ìwádìí káàkiri ayé, wọ́n ń pè é ní HeLa. Henrietta fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 4 oṣù October ọdún kan náà, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì náà fún bí ogún ọdún. Ó dùn mí pé ẹni tí ara rẹ̀ kọ́ ayé lọ́gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀.

HPV 18 ni wọ́n bá nínú HeLa, tó ti lẹ̀ mọ́ kùrómósómù. E2 ti já, E6 àti E7 ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Kùrómósómù HeLa kò sì jẹ́ 46 mọ́, ó wà láàárín 70 sí 90. Ẹ wo ohun tí ìbàjẹ́ ibodè dá sílẹ̀. Ní ọdún 2000, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Yale, Edward Goodwin àti Daniel DiMaio, fi E2 tó pé padà sínú HeLa. E2 pa ẹnu E6 àti E7 mọ́. P53 tí ẹnikẹ́ni kò rí fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ, Rb padà sẹ́nu iṣẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó ti ń pín láti ọdún 1951 dúró, wọ́n gbó, wọn kò sì tún pín mọ́. Pẹ̀lú gbogbo ìdàrúdàpọ̀ tó wà nínú kùrómósómù wọn, ìpadàbọ̀ p53 àti Rb tó láti dá wọn dúró. Ó ṣe ni láàánú pé a kò tíì mọ ọ̀nà tí a ó fi gbé E2 dé inú gbogbo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó wà lára ènìyàn alààyè. Nínú ìgò ló ti ṣeé ṣe.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Ìyá Ṣèyí, ẹni ọdún 38 tó ń ta aṣọ ní ọjà Sábó. Kò sí ohun tó ń dùn ún. Ó lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé nítorí abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ní kó ṣe àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì fi irin ṣí ojú ara díẹ̀, ó tan iná sí i, ó rí ẹnu ilé ọmọ, ó pọ́n, ó ń dán. Ó ki òwú bọ inú omi kíkan kan, ásíìdì inú fíníga ni, tí agbára rẹ̀ wà láàárín ìdá 3 sí 5 nínú 100, ó rọra fi kàn án. Wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú kan.

"Sísítà, ó ń ta mí díẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ó ti fẹ́ tán. Ẹ má mira."

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú yẹn, ibì kan ní ẹ̀gbẹ́ òkè ti funfun, etí rẹ̀ sì mọ́ kedere. Àwọn ibi yòókù pọ́n bí wọ́n ṣe wà. Kí ló dé tí ibẹ̀ nìkan fi funfun? Nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tó ń pín láìgbàṣẹ máa ń ní kókó tó tóbi, tí okùn àbùdá àti purotéènì kún inú rẹ̀, wọ́n sì há mọ́ra wọn. Omi kíkan náà máa ń mú kí purotéènì yẹn dì fún ìgbà díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò ní lè là á kọjá, yóò ta padà sójú nọ́ọ̀sì ní funfun. Ibi tí ibodè ti wó ni ojú ń rí yẹn, láìlo ẹ̀rọ kankan.

"Kí lẹ rí, Sísítà? Ṣé jẹjẹrẹ ni?"

"Rárá o, Ìyá Ṣèyí. Mi ò rí jẹjẹrẹ. Ibi kékeré kan ló wà tí kò dára, tó lè dà á tí a bá fi sílẹ̀. A lè tọ́jú ẹ̀ lónìí."

Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ, ó sì yẹ kí ìyàtọ̀ náà yé wa. Sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ti sọ oníbodè nù, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fọ́ ìpìlẹ̀ awọ. Bí gbogbo etí ibi funfun náà bá hàn, tí kò wọ inú ihò lọ, tí kò sì fẹ̀ jù, wọ́n lè fi irin gbígbóná tó tó bí ìwọ̀n 100 sẹ́lísíọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30. Sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ yóò kú, awọ tuntun yóò sì hù. Bí nọ́ọ̀sì bá fura sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní fọwọ́ kàn án, yóò kọ ìwé fún Ìyá Ṣèyí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà, kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ wò.

Níbi tí wọ́n bá ti ń wo ẹran náà, ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá Rb ti lọ lóòótọ́. Purotéènì kan wà tó ń jẹ́ p16. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó pé, Rb ló ń jẹ́ kí p16 mọ níwọ̀n. Bí E7 bá ti mú Rb lọ, p16 yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lápọ̀jù. Ìdíwọ́ ìpín ni iṣẹ́ p16 gan-an, ṣùgbọ́n nípasẹ̀ Rb ló ń díwọ́, Rb kò sì sí níbẹ̀ mọ́, nítorí náà asán ni gbogbo pípọ̀ rẹ̀. Dókítà yóò kun ẹran náà ní oògùn tó ń sọ p16 di àwọ̀ ilẹ̀. Bí ó bá rí i pé àwọ̀ yẹn gba gbogbo ìpele awọ láti ìsàlẹ̀ gòkè láìdá ibì kan sí, ó mọ̀ pé E7 wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá rí i tó kàn wà káàkiri níbi kọ̀ọ̀kan, ó lè jẹ́ pé ìwú tàbí àkóràn lásán ni.

Bí ó bá ti wá di jẹjẹrẹ ńkọ́? Nígbà tó ṣì kéré, wọ́n lè gé e kúrò. Nígbà tó bá ti tàn kọjá ẹnu ilé ọmọ, ìtànṣán pẹ̀lú oògùn ni ìtọ́jú tó gbajúmọ̀, èyí tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH tó ṣí ní Ìdí-Àràbà ní 2019. Ẹ rántí ìwúkàrà Hartwell, ìlànà kan náà ni. Ìtànṣán yóò já okùn àbùdá sẹ́ẹ̀lì tó dára àti ti jẹjẹrẹ. Sẹ́ẹ̀lì tó dára yóò dúró ní ibodè, yóò tún okùn rẹ̀ ṣe. Ti jẹjẹrẹ tí kò ní ibodè àkọ́kọ́ yóò fi okùn jíjá pín lọ, níbi tó ti ń ya sí méjì sì ni yóò ti fọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín ìtànṣán náà sí ọjọ́ púpọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí sẹ́ẹ̀lì tó dára lè rí àyè àtúnṣe láàárín méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó ń lọ gbà á, ẹ má jẹ́ kó máa pa ọjọ́ jẹ, nítorí ìsinmi gígùn máa ń fún jẹjẹrẹ náà láyè láti pọ̀ padà. Ibi tí ìtọ́jú yìí sì mọ náà wà: kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ló ń pín lọ́jọ́ tí ìtànṣán dé, èyí tó sinmi lọ́jọ́ náà lè yè é.

Ó ku abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdébìnrin ọdún 9 sí 14 ní October 2023, abẹ́rẹ́ kan péré, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Inú abẹ́rẹ́ náà, èèpo ìta fáírọ́ọ̀sì nìkan ló wà níbẹ̀. Kò ní okùn àbùdá, kò ní E6, kò ní E7, kò lè fa àrùn, kò sì kan ilé ọmọ tàbí ọmọ bíbí rárá. Ara ọmọ yóò kọ́ láti dá èèpo yẹn mọ̀, yóò sì dì í mú lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọ sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n bí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọlé, tó sì ti ń ṣe E6 àti E7, kò sí èèpo níta tí ara yóò dì mú mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa wá ọmọ ọdún 9 nìyẹn, kí ó tó mọ ọkùnrin.

Fún àwọn ìyá wọn, àyẹ̀wò ni. Omi kíkan tí nọ́ọ̀sì fi wo Ìyá Ṣèyí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìwú lásán lè sọ awọ di funfun, lára obìnrin tó bá sì ti dẹ́kun nǹkan oṣù, ibi tí àrùn náà fẹ́ràn máa ń fà sínú ihò, ojú kò ní tó o. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní 2021 pé àyẹ̀wò tó ń wá okùn fáírọ́ọ̀sì HPV fúnra rẹ̀ ló dára jù níbi tó bá wà. Obìnrin lè fi òwú gba omi ojú ara rẹ̀ fún un fúnra rẹ̀, láìsí irin, láìsí ẹni tó ń wò ó. Ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, kó sì máa ṣe é ní ọdún 5 sí 10 síra. Ẹni tí HIV wà lára rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 25, yóò sì máa ṣe é ní ọdún 3 sí 5 síra. Bí èsì bá sọ pé HPV wà, kì í ṣe pé jẹjẹrẹ wà. Ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n wò ó bóyá E6 àti E7 ti ń ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, kò gbọ́dọ̀ dúró de àyẹ̀wò ọdún márùn-ún kankan. Ọjọ́ tí obìnrin bá rí i ni kó lọ.